"Àbíkú" Wọlé Ṣóyínká: ohun tí ẹ bi wá, àti ohun tí a rí nínú rẹ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi orúkọ Ṣóyínká sọ gbọ̀ngàn eré Ìgànmú ni wọ́n ti ń fi ewì rẹ̀, "Àbíkú", ránṣẹ́ sí wa. Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Àbíkú fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò rí àyè sọ gbólóhùn kan.

Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń bẹ ọmọ pé kó dúró?

Rárá o, ti J. P. Clark nìyẹn. Orúkọ kan náà ni ewì méjèèjì ń jẹ́. Ti Clark wà nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1965, ti Ṣóyínká sì wà nínú èyí tó jáde ní 1967. Ará ilé ló ń bẹ ọmọ nínú ti Clark, ó sì ń lọ gbọọrọ láìní ìpín. Ìpín mẹ́jọ ni ti Ṣóyínká, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dà wọ́n pọ̀ nínú ìdánwò yóò fi ẹ̀bẹ̀ ará ilé sẹ́nu ọmọ tí kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Kí ni ìde, ewúrẹ́ àti epo ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀?

Ètùtù ni. Ìpín kìíní fi ìde tí wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀ ṣẹ̀sín. Ìkejì ka ewúrẹ́, owó ẹyọ, epo àti eérú bí ẹni ń ka ọjà tí kò ní í rà, ó wá ní iṣu kì í hu oǹdè. Ẹ di iṣu yẹn mú, a ó padà sí i.

Kí ló dé tí wọ́n fi sun ìgbín mọ́ ìkarahun rẹ̀?

Ibí yìí ni Yorùbá ti ń rí ohun tí àlejò kò rí. Àfọ́kù ìkarahun náà ni wọ́n máa pọ́n, tí wọ́n máa fi gbígbóná rẹ̀ sàmì sí ọmọ láyà, kí wọ́n lè dá a mọ̀ tó bá tún wá. Àbíkú fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ni ìgbín láàárín wa? Ẹran ẹ̀rọ̀ ni. Omi rẹ̀ ni a fi ń tu ohun tó bá gbóná. Nígbà tí ìyá bá wá sọ ohun ẹ̀rọ̀ di irin ìjóni, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀bẹ̀. Ewì náà kò ṣàlàyé èyí. Ó gbé ìgbín kalẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ òrìṣà tó wú ní ìpín kẹrin ńkọ́?

Àwọn òǹkàwé kò tíì fẹnu kò. Àwọn kan ní ìdí ojúbọ ni. Àwọn mìíràn rántí ọba ilẹ̀ Gíríìkì tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹsẹ̀ wíwú, tí òbí rẹ̀ ní kí wọ́n lọ jù nù, tó sì padà wá dààmú wọn. Eyín ọ̀kẹ́rẹ́ tó fọ́ àlọ́ ọ̀pẹ rọrùn jù: bí wọ́n tilẹ̀ fi ikin dá Ifá, ó ní òun ti mọ ohun tó wà nínú èkùrọ́.

Ìpín karùn-ún kò parí. Ṣé àṣìtẹ̀ ni?

Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà já sí ibi tí àbíkú gbà wá, ó sì ṣàn wọ ìpín kẹfà: ilẹ̀ tó tutù fún ọ̀fọ̀, ìrì funfun, aláǹtakùn tó ń mú eṣinṣin nírọ̀lẹ́. Ìpín keje wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òru. Láti ìrì dé ìrọ̀lẹ́ dé òru, ilẹ̀ ṣú kí gbólóhùn tó parí. Nínú òru náà ló ti ń fa epo inú fìtílà mu. Ó ní òun yóò ká jọ bí ejò sẹ́nu ọ̀nà, igbe tó máa pa ejò náà yóò sì jẹ́ ti ìyá.

Òpin rẹ̀ kò yé mi rárá.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀sín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń kérora. Ooru inú tó rá wọ̀ ti sú u, ó sì ń fi pupa ẹyin mọ òkìtì. Ẹyin tó yẹ kó pa di sàréè. Ẹ wá padà sí iṣu àárọ̀: òkìtì ni àgbẹ̀ ń kọ fún iṣu, òkìtì náà ni a ń kọ sórí òkú. Èyí tí àbíkú mọ kò ní hu nǹkan kan. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, wọn kò sì ní kí n fi gba máàkì.

Ọmọ mi ń jẹ́ Málọmọ́. Ṣé kí n má jẹ́ kó kà á?

Jẹ́ kó kà á.

Wọ́n ṣì ń fín ọmọ lára nítorí àbíkú ládùúgbò wa. Kí ni ká ṣe?

Ẹ má ṣe é. Abẹ kò wo ẹ̀jẹ̀ sàn, ó sì lè kó àrùn wọlé. Àwọn oníṣègùn gbà pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí a pè ní àbíkú. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó náà jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Oyún tó kọjá kò yọ ti ọ̀tun kúrò nínú ewu yẹn. Ẹni tó ti bí ọmọ kan tó ní in kò tíì "san tirẹ̀". Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí ọmọ bá sì ti wà nílẹ̀ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tó ń ké fún ìrora, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.