Wáàtì Wo Lára Amúlétutù Ló Ń Jẹ Yúnìtì?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, amúlétutù họ́ọ̀sì kan àtààbọ̀ ni mo ní, wáàtì 3500 ni mo sì rí lára rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ni mo ń tàn án lóru. Bándì A ni àdúgbò wa, 209.50 náírà ni yúnìtì kan. Mo ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 176,000 náírà lóṣù. Ṣé gbogbo owó yìí ni amúlétutù kan ń jẹ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ mọ ìṣirò, àmọ́ nọ́ńbà tí ẹ mú kọ́ ló yẹ kí ẹ mú.

Wáàtì oríṣi méjì ló máa ń wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. 3500 yẹn ni wọ́n kọ "Cooling Capacity" sí, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ náà lè kó kúrò nínú yàrá. Èyí tí mítà ń kà ni "Power Input". Amúlétutù kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ló ń gbé láti inú ilé lọ síta, tó bá sì fa iná wáàtì kan, ó lè gbé ooru wáàtì mẹ́ta jáde. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kejì fi kéré. Lára irú tiyín tí kì í ṣe ínfátà, ẹ máa rí nǹkan bí 1150.

Wáàtì 1000 fún wákàtí kan ni yúnìtì kan. Ẹ wá fi 1150 lọ́nà 8, kí ẹ pín in sí 1000. Yúnìtì 9.2 nìyẹn lóru ọjọ́ kan, 276 ní ọgbọ̀n ọjọ́.

Ní ti iye owó, 209.50 kò tíì ní owó orí 7.5% nínú. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo ń wo rìsíìtì: iye owó tí mo san ni mo ń pín sí iye yúnìtì tí wọ́n fún mi. Bí 10,000 náírà bá gbé yúnìtì 44.4 wá, nǹkan bí 225 náírà ni yúnìtì kan jẹ́ yín gan-an. (Bí wọ́n bá yọ gbèsè àtijọ́ nínú owó náà, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó pín in.) 276 lọ́nà 225 jẹ́ 62,100 náírà.

Síbẹ̀, iye yẹn wà fún ẹ̀rọ tí kò sinmi rárá. Bí yàrá bá ti tutù dé ibi tí ẹ fi í sí, kọ́mpurẹ́sọ̀ á kú, fáànù nìkan ni yóò máa yí. Bó ṣe ń sinmi tó, inú yàrá yín nìkan lẹ ti lè mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú mítà sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ àti aago mẹ́fà àárọ̀, lóru kan tí ẹ tan amúlétutù, àti lóru mìíràn tí ẹ kò tàn án. Ká ní yúnìtì 8.1 lọ lóru àkọ́kọ́, tí 2.1 lọ lóru kejì. Mẹ́fà ni ti amúlétutù. Lóṣù, 180 nìyẹn, ìyẹn 40,500 náírà.

Bí iye tí ẹ rí bá ń sún mọ́ 9.2, kọ́mpurẹ́sọ̀ kò ráyè sinmi nìyẹn. Ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù nínú ilé, kí ẹ wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú mítà. Bí wọ́n bá kọ 1000 imp/kWh síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tó bá ṣẹ́jú, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún yúnìtì ti lọ. Kọ́mpurẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ á mú un ṣẹ́jú bí ìgbà 19 ní ìṣẹ́jú kan; fáànù nìkan lè má mú un ṣẹ́jú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí 19 yìí kò bá dínkù lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ yọ fítà inú ẹ̀rọ náà wò bóyá eruku ti dí i. Ẹ wò ó bóyá 16 lẹ fi ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sí: kì í tètè débẹ̀ nínú ooru wa, nítorí náà kì í sinmi. Ẹ gbé e sí 24 tàbí 25. Bí kò bá tún yí padà, ẹ ní kí oníṣẹ́ wo gáàsì rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn iye tí fírísà ń jẹ bákan náà, òru kan péré kò tó. Oníwáàtì 150 kò lè jẹ ju yúnìtì 3.6 lọ lójúmọ́, ó sì sábà máa ń jẹ kéré sí i nítorí pé òun náà ń sinmi. Ẹ fi odindi wákàtí 24 wọ̀n ọ́n, lọ́jọ́ tí iná kò lọ, tí ẹ kò sì kó ẹran tuntun sí i. Lẹ́yìn tí iná bá ti lọ fún ìgbà pípẹ́, yóò ṣiṣẹ́ àṣekún láti mú ohun tó ti ń yọ́ padà di yìnyín.