Àwòrán ìbéèrè kẹ́mísírì tó ń káàkiri: kí ló dé tí irin fi jẹ́ mẹ́fà?

Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Àwòrán ìbéèrè kẹ́mísírì kan wà lórí Wọ́tsáàpù àwa òbí ní Kàbà níbí. Ẹnì kan ti fi bírò kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ní irọ́ ni, ariwo bá sọ. Ta ló gbà á?

Ẹni tó ní irọ́ ni ló gbà á. Àwòrán kan náà ti dé ọ̀dọ̀ mi láti Ìyàrà àti Mọ̀pà, ìyẹn ni mo fi kó ìbéèrè yín pọ̀ síbí. Iṣẹ́ tí wọ́n fún àwọn ọmọ ni kí wọ́n mú ìdọ́gba yìí dọ́gba nínú omi ásíìdì, kí wọ́n pín in sí ìdajì méjì kí wọ́n tó pa á pọ̀:

Cr₂O₇²⁻ + Fe²⁺ → Cr³⁺ + Fe³⁺

Ohun tí oníbírò kọ nìyí:

Cr₂O₇²⁻ + Fe²⁺ + 14H⁺ → 2Cr³⁺ + Fe³⁺ + 7H₂O

Èyí tó tọ̀nà nìyí:

Cr₂O₇²⁻ + 6Fe²⁺ + 14H⁺ → 2Cr³⁺ + 6Fe³⁺ + 7H₂O

Mẹ́fà tó wà níwájú irin nìkan ni ìjà yín.

Ṣùgbọ́n mo ka átọ́ọ̀mù oníbírò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ pé. Kí ló tún kù?

Ṣáàjì ló kù, ìyẹn àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò tó jókòó sórí áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ lẹ sọ o: kírómíọ̀mù pé méjì sí méjì, irin pé ẹyọ kan sí ẹyọ kan, ọ́ksíjìn pé méje sí méje, háídrójìn náà pé. Ohun tó jẹ́ kí ìbéèrè yìí mú ọmọ tó mọ̀wé pàápàá nìyẹn. Tí átọ́ọ̀mù ò bá pé, ọmọ á fura. Nígbà tó pé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn.

Ẹ wá ka ṣáàjì. Ní apá òsì ìdọ́gba oníbírò, dáíkírómétì, ìyẹn Cr₂O₇²⁻, mú −2 wá, irin mú +2, H⁺ mẹ́rìnlá mú +14. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ +14. Ní apá ọ̀tún, kírómíọ̀mù méjì jẹ́ +6, irin kan jẹ́ +3, omi ò ní nǹkan kan lórí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ +9. Márùn-ún ti wọlẹ̀.

Márùn-ún yẹn kì í ṣe àṣìṣe lásán, ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni nǹkan tí irin àti kírómíọ̀mù ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Kírómíọ̀mù méjì inú dáíkírómétì fẹ́ gba mẹ́fà. Irin kan ṣoṣo tí oníbírò kọ lè fi ẹyọ kan sílẹ̀, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ku márùn-ún tí a gbà láìsí ẹni tó fún wa, bí ẹni tó kó ẹrù ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà lọ́jà tó san ẹgbẹ̀rún kan, tó wá ní òun ò jẹ gbèsè.

Ibo ni mẹ́fà yẹn ti jáde? Olùkọ́ ẹ̀kọ́ alẹ́ kan ní mẹ́ta lòun mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Irin kọ́kọ́, torí òun ló rọrùn. Ó kúrò ní 2 ó dé 3, kò sí átọ́ọ̀mù kankan tó wọlé tàbí tó jáde. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ló jù sílẹ̀:

Fe²⁺ → Fe³⁺ + e⁻

Ìdajì kejì ni ti dáíkírómétì. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ṣáàjì rárá. Kírómíọ̀mù méjì ló wà lápá òsì, nítorí náà ẹ fi 2 síwájú Cr³⁺ lápá ọ̀tún kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ wo ọ́ksíjìn: méje wà lápá òsì, kò sí ọ̀kan lápá ọ̀tún, ẹ bu omi méje síbẹ̀, 7H₂O. Omi yẹn ti mú háídrójìn mẹ́rìnlá wọlé, ẹ fi 14H⁺ dá a lóhùn lápá òsì. Gbogbo átọ́ọ̀mù ti pé báyìí.

Ìgbà yìí la tó ka ṣáàjì. Apá òsì: −2 pẹ̀lú +14 jẹ́ +12. Apá ọ̀tún: kírómíọ̀mù méjì, +6. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń fa ṣáàjì wálẹ̀, nítorí náà ibi tí ṣáàjì ti ga là ń kọ ọ́ sí. Mẹ́fà ló máa sọ +12 di +6:

Cr₂O₇²⁻ + 14H⁺ + 6e⁻ → 2Cr³⁺ + 7H₂O

Irin kan ń fúnni ní ẹyọ kan, ìdajì yìí sì ń béèrè mẹ́fà. Ẹ sọ gbogbo ìdajì irin di ìlọ́po mẹ́fà, ẹ ro ìdajì méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà pa mẹ́fà rẹ́. Ohun tó kù ni ìdọ́gba tí mo kọ sókè. Apá òsì rẹ̀ jẹ́ −2, +12 àti +14, ìyẹn +24. Apá ọ̀tún jẹ́ +6 àti +18, +24 náà ni.

Ní ti olùkọ́ tó mọ mẹ́ta: kírómíọ̀mù kan ń lọ láti +6 sí +3, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta ni lóòótọ́. Ó kàn gbàgbé pé méjì ni wọ́n nínú ilé kan. Àwọn míì sì máa ń gba mẹ́sàn-án. Àwọn yẹn gbàgbé láti fi 2 síwájú Cr³⁺, wọ́n bá ń yọ +3 kúrò nínú +12. Tí ẹ bá rí mẹ́sàn-án nínú ìwé ọmọ yín, ẹ ti mọ ibi tó ti ṣìnà láìbi í léèrè.

H⁺ àti omi ò sí nínú ìbéèrè. Ta ló ní ká mú wọn wá?

Ẹni tó kọ «nínú omi ásíìdì» ni. Ní yàrá ìdánwò, dáíkírómétì tó ti yòrò sínú omi ni, wọ́n sì da súlfúríìkì ásíìdì tí a ti bu omi là sí i. H⁺ ti kún ibẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kírómíọ̀mù bá fi ọ́ksíjìn rẹ̀ sílẹ̀, ọ́ksíjìn kọ̀ọ̀kan á mú H⁺ méjì, á sì di omi. Potásíọ̀mù àti súlfétì náà wà nínú omi yẹn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n ṣe jáde, ìdí nìyẹn tí a ò kọ wọ́n.

Ṣé a lè fi OH⁻ ṣe é?

Rárá. Ẹ da OH⁻ sí dáíkírómétì aláwọ̀ ọsàn yẹn, á di kírómétì aláwọ̀ ìyeyè lójú yín, irin náà á sì ṣù sí ìsàlẹ̀. Ìbéèrè míì nìyẹn.

Nínú fóònù tèmi, ibi tí ìwé ti ká ti jẹ 2 tó wà lókè. Cr₂O₇⁻ ni mo rí. Ṣé ìdáhùn máa yí padà?

Ìdáhùn ò yí padà, àwòrán ló bàjẹ́. Nínú dáíkírómétì, kírómíọ̀mù kọ̀ọ̀kan jẹ́ +6, méjì jẹ́ +12. Ọ́ksíjìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ −2, méje jẹ́ −14. Ohun tó ṣẹ́kù ni −2, kò sí bí ó ṣe lè jẹ́ −1.

Ọmọ tí kò bá mọ èyí lórí ṣì lè mọ̀ pé nǹkan ò lọ dáadáa. Tó bá lo −1, apá òsì á di +13, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á di méje. Bẹ́ẹ̀, kírómíọ̀mù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba iye kan náà ò lè gba méje láéláé. Níbikíbi tí kírómíọ̀mù méjì bá ti pín méje, ẹ padà lọ wo ìbéèrè.

Ṣé ìdánwò tó jò síta ni?

Ìbéèrè yìí ti wà nínú ìwé kẹ́mísírì girama kí a tó bí ọmọ tó ya fọ́tò rẹ̀.

Ọmọ mi kọ irin kan bíi ti oníbírò. Ṣé ohun tí a lè gbójú fò kọ́ nìyẹn?

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ìbéèrè parí sí, ìpàdánù náà ò ju ibẹ̀ lọ. Ìyọnu ni pé ìṣirò sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ká ní mílílítà 25 omi irin ni wọ́n fún un, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mólù 0.1 nínú lítà kan. Irin inú rẹ̀ jẹ́ mólù 0.0025. Ká ní dáíkírómétì tí wọ́n ń kán sí irin náà láti inú bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fàlà sí lára, jẹ́ mólù 0.02 nínú lítà kan. Ẹni tó mọ mẹ́fà á pín 0.0025 sí mẹ́fà, á rí i pé nǹkan bíi mílílítà 20.8 ló máa tán síbẹ̀. Ẹni tó kọ ẹyọ kan á rí mílílítà 125. Bùrẹ́ẹ̀tì ilé ìwé kì í gbà ju 50 lọ.

Irú ìwọ̀n yìí kan náà ni wọ́n fi ń mọ iye irin tó wà nínú òkúta irin, irú èyí tó wà ní Ìtakpé nínú ìpínlẹ̀ wa níbí. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan ṣírò á sọ pé irin tó wà níbẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà iye rẹ̀ lọ, ẹni tó fẹ́ rà á á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni kí ọmọ wò kẹ́yìn kí ó tó fà á lé wọn lọ́wọ́?

Kó tún ṣáàjì kà lápá méjèèjì, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kó rí i pé kò sí e⁻ kankan tó kù nínú ìdọ́gba ìkẹyìn. Tí H⁺ tàbí omi bá sì wà lápá méjèèjì, kó yọ wọ́n lára ara wọn. Nínú ti òní wọn ò sí lápá méjèèjì, ṣùgbọ́n nínú àwọn ìbéèrè míì wọ́n máa ń yọjú.

Wọ́n ní kẹ́míkà yẹn léwu. Àwọn ọmọ wa sì ń fi ẹnu fà á nínú pípẹ́ẹ̀tì ní ilé ìwé. Ṣé ká bẹ̀rù?

Ẹ bẹ̀rù ìyẹn ju ìdánwò lọ. Kírómíọ̀mù tó wà ní +6 ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ó ń jó awọ ara, kò sì yẹ kó dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa pípẹ́ẹ̀tì kò wọ́n, ẹgbẹ́ òbí lè rà á fún ilé ìwé. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da àjẹkù rẹ̀ sí gọ́tà tàbí odò.

Ìdọ́gba tí ẹ ń jà lé lórí yìí wúlò níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ń tún omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ṣe máa ń da iyọ̀ Fe²⁺ sínú omi tó ní kírómíọ̀mù +6, kí ó lè di Cr³⁺ aláwọ̀ ewé tí oró rẹ̀ kéré jìnnà sí ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú Cr³⁺ yẹn ṣù sísàlẹ̀ kí wọ́n lè kó o kúrò. Olùkọ́ tó bá ní àjẹkù dáíkírómétì nínú ìgò kó pa á mọ́, kó kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò, títí yóò fi rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.