Bátìrì sípíkà tó gbẹ tán: èyí tó ṣì lè jí àti èyí tó ti kú

Sípíkà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ fóònù láti gbọ́ orin sábà máa ń ní bátìrì lítíọ́mù kan nínú, èyí tó rí róbótó bí bátìrì tọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń pè ní 18650. Tó bá kún, fóltì rẹ̀ á jẹ́ 4.2. Tó bá lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi fóltì 3, sípíkà á pa ara rẹ̀. Kò hàn sí ojú ni, ó ṣì ń jẹ iná. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ń mu díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ̀ ìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì. Ká ní ó ku mílíámpù-wákàtí 110 nínú bátìrì tó ń gba 2200, tí iná tí bọ́ọ̀dù ń mu sì jẹ́ mílíámpù 0.05, wákàtí 2200 ló máa fi mu ún tán, ìyẹn bí oṣù mẹ́ta. Sípíkà tí wọ́n lò gbẹ nígbà Kérésì, tí wọ́n wá jù sínú wọ́dúróòbù láìṣájì í, lè ṣe bẹ́ẹ̀ kọ̀ láti tàn nígbà Àjíǹde.

Ohun tó ń pa á lẹ́nu mọ́ ni pátákó kékeré kan tó ń ṣọ́ bátìrì. Tí fóltì bá já sí nǹkan bíi 2.5, pátákó yìí á já iná kúrò kí bátìrì má bàa bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí ni àwọn kan ti ń ṣìnà. Wọ́n á fi mítà kan ojú ibi tí wáyà ti ń jáde lọ sí bọ́ọ̀dù, tí wọ́n sábà máa ń kọ P+ àti P- sí, wọ́n á rí òdo, wọ́n á sì ní bátìrì ti kú. Orí bátìrì fúnra rẹ̀, ní B+ àti B-, ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Òdo lè wà níwájú pátákó, kí fóltì 2.3 sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú u, kó kọ́kọ́ fi ṣájà fóltì 5 tó dáa àti okùn mìíràn dán an wò. Ẹ̀yà tó ń darí ṣájì kì í fún bátìrì tó gbẹ ní iná tó pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fún un ju ìdá kan nínú mẹ́wàá iná tí wọ́n máa ń fún bátìrì lọ títí yóò fi tó nǹkan bíi fóltì 2.9. Nítorí náà, iná pupa lè má tàn lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta níbi tí ojú wà lára rẹ̀. Yíyọ ọ́ àti kíkì í bọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kò ṣe é ní oore kankan.

Tí kò bá jí, ó di dandan kí wọ́n tú u. Ká ní mítà sọ pé fóltì 2.3 ló kù nínú bátìrì. Ẹ̀rọ tó ń fúnni ní iná tí a lè dín kù ni kí wọ́n fi ṣe é: kí wọ́n gbé fóltì rẹ̀ sí 4.2, kí iná tó ń jáde má sì ju mílíámpù 100 lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, fóltì yẹ kó ti gòkè kọjá 3, nítorí ìwọ̀nba iná ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣájà tirẹ̀ lè parí ìyókù. Nígbà tó bá kún, kí wọ́n já a kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Tó bá wà ní 4.1 sókè, ó dáa. Tó bá ti já wálẹ̀ sí 3.9 láìṣiṣẹ́, iná ń jò nínú rẹ̀, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Èyí tí mítà bá rí ní fóltì 0.8, tó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n má tilẹ̀ jí i. Bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú bátìrì tó ń kó iná jọ. Tí fóltì bá ti wọlẹ̀ gan-an, bàbà yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi bátìrì. Ìgbà tí wọ́n bá tún ṣájì í ló máa ń tún dì, kì í sì í padà síbi tó wà; ó lè hù bí abẹ́rẹ́ kó gún àwọ̀ tó pààlà sáàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gba ṣájì lónìí, kó sì gbiná lọ́la lórí tábìlì. Láàárín fóltì 1.5 sí 2, ó kù sọ́wọ́ ìgbà tó ti wà níbẹ̀: ọjọ́ kan lè má ṣe nǹkan, oṣù kan ti pọ̀ jù. Èyí tó bá wú, tó ń rùn bí nǹkan olóòórùn dídùn tó ta sánsán, tàbí tó ń gbóná nígbà tí iná mílíámpù 100 péré ń wọ̀ ọ́, kò sí fóltì tó lè dá a láre.

Jíjọ́m̀pù láti ara bátìrì mìíràn tó kún, bí àwọn kan ti máa ń ṣe lójú pópó, léwu, torí kò sí ohun tó ń dín iná tó ń wọlé kù. Tí sípíkà bá sì ní bátìrì méjì tí wọ́n so pọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí èyí tó ti gbó á máa fa tuntun wálẹ̀. Èyí tó ti ní irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ti jó mọ́ ọn lórí ni kí wọ́n rà. Ooru áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó wáyà, tí wọ́n bá gbé e lé bátìrì lórí gan-an, ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n fi téèpù bo orí méjèèjì èyí tó kú, kí wọ́n kó o fún ẹni tó ń gba bátìrì àlòkù, kó má bá pàǹtí lọ síbi tí wọ́n ti ń dáná sun ún.