Ìgbà wo ló yẹ kí a tún ọjà rà, mélòó sì ni kí a rà?

Oríṣi owó méjì ló ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tó ń kó ọjà pamọ́ lọ́wọ́. Owó ọ́dà ni èyí tí a máa ń ná nígbàkígbà tí a bá ránṣẹ́ ra ọjà, ì báà pọ̀, ì báà kéré: owó ọkọ̀, ìwé kíkọ, iṣẹ́ ẹni tó gba ọjà wọlé tó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ìpamọ́ ni ti àyè tí ọjà gbà, ti ìbàjẹ́, àti ti èlé orí owó tó há sínú ọjà. Ẹni tó ń rà díẹ̀díẹ̀ á máa san owó ọ́dà lemọ́lemọ́. Ẹni tó kó rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan á fi orí fá owó ìpamọ́.

Ní ọdún 1913, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Ford W. Harris, tẹ ìṣirò kan jáde tó ń wá ibi tí àpapọ̀ owó méjèèjì ti kéré jù lọ:

```
Q = √(2DS / H)
```

Q ni iye tí a ó rà lẹ́ẹ̀kan, D ni iye tí à ń tà lọ́dún, S ni owó ọ́dà kan, H sì ni owó ìpamọ́ ẹyọ kan fún ọdún kan. Ká ní gílóòbù iná ni ọjà náà: 3,600 là ń tà lọ́dún, ọ́dà kan ń ná wa ní 50, ìpamọ́ gílóòbù kan sì jẹ́ 4 lọ́dún. Q á jẹ́ 300. A ó ránṣẹ́ ní ìgbà 12, owó ọ́dà á jẹ́ 600. Ìdajì 300, ìyẹn 150, ló máa ń wà nílẹ̀ ní ìpíndọ́gba, nítorí náà owó ìpamọ́ á jẹ́ 600 pẹ̀lú. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,200.

Bí a bá wá ra 450 lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Àpapọ̀ náà á di 1,300 péré. Bí a bá ra 200, 1,300 náà ni. Nítorí náà, kò sí ìdí láti máa da ara ẹni láàmú lórí Q. Bí páálí bá ń gba 320, ẹ ra 320.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tó yẹ kí a ránṣẹ́. Ká ní ọjọ́ iṣẹ́ 300 ló wà lọ́dún, 12 là ń tà lójúmọ́, ọjà sì máa ń gba ọjọ́ 9 kó tó dé. 108 la ó tà láàárín ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró kó ku 108 ká tó ránṣẹ́, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì ni ọjà á tán kí tuntun tó dé, nítorí ọjà títà kì í dúró sójú kan. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ọjà ààbò lé e.

Ká ní ìyàtọ̀ ọjà títà láti ọjọ́ dé ọjọ́ jẹ́ 5, bí àwọn oníṣirò ṣe ń wọn ìyapa kúrò ní ìpíndọ́gba. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ 5 di ìlọ́po 9. Àṣìṣe ni, nítorí ọjọ́ tí ọjà yá máa ń dí ti ọjọ́ tó dákẹ́. Gbòǹgbò 9, ìyẹn 3, ni a ó lò: 5 lọ́nà 3 jẹ́ 15. Bí a bá fẹ́ kí ọjà má tán nínú ọ́dà 95 nínú 100, a ó fi 1.65, iye tí àwọn oníṣirò yàn fún 95 nínú 100, sọ 15 di púpọ̀, ọjà ààbò á sì jẹ́ 25. Nígbà tó bá ku 133, a ránṣẹ́. (Ọ́dà ni 95 yìí ń kà o, kì í ṣe oníbàárà.)

Gbogbo èyí gbà pé ọjọ́ 9 náà kì í yẹ̀. Bí ìyàtọ̀ ọjọ́ tí ọjà fi ń dé bá jẹ́ ọjọ́ 2, ìṣirò náà á yí padà:

```
√(9×5² + 12²×2²) = √801 ≈ 28.3
```

Bí a bá fi 1.65 sọ 28.3 di púpọ̀, ọjà ààbò á fò láti 25 sí 47, a ó sì ránṣẹ́ nígbà tó bá ku 155. Nínú 801 yẹn, 225 péré ló ti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wá. 576 ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà wá fún wa. Síbẹ̀, ìwé ọjà títà nìkan ni ọ̀pọ̀ ń yẹ̀ wò, wọn kì í kọ ọjọ́ tí ọ́dà jáde àti ọjọ́ tó wọlé sílẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ìṣirò bá òótọ́ mu, ẹ máa ka ohun tó ṣẹ́ kù gan-an ní òwúrọ̀ tí ọjà tuntun bá dé. Ìpíndọ́gba rẹ̀ yẹ kó sún mọ́ ọjà ààbò. Bí ó bá ga jù ú lọ fíìfíì fún ìgbà pípẹ́, owó ló sùn sórí pẹpẹ. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù ú, ọjà títà ti lé sí i tàbí ọjọ́ ìdúró ti gùn. Fún ọjà tó lè wà fún oṣù mẹ́ta láìsí ẹni tó béèrè rẹ̀, kí ẹnì kan wá ra 40 lọ́jọ́ kan, ẹ má lo 1.65 yẹn rárá, torí ọjà tó ń tà déédéé ni wọ́n ṣe é fún.