Ìjà ìbejì nínú ìtàn ìwáṣẹ̀: kí ni wọ́n ń jà lé lórí gan-an?

Ní Àkúrẹ́ níbí, tí wọ́n bá ti ka orí Bíbélì tó sọ nípa Ésáù àti Jákọ́bù ní Sọ́ńdè sùkúù, àríyànjiyàn tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ ni pé ta ló jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì, ṣé Jákọ́bù tó fi ẹ̀tàn gba ìbùkún ni àbí Ésáù tó torí oúnjẹ ta ogún ìbí rẹ̀. Àwọn ìyá á gbè sẹ́yìn Jákọ́bù, àwọn ọkùnrin á ní ẹ má fìyà jẹ Ésáù, ebi ló ń pa á. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ kì í ṣe òun ni ìtàn náà jókòó lé. Ìtàn tí ìbejì tàbí ọmọ ìyá méjì ti ń bá ara wọn jà pọ̀ káàkiri ayé, àwọn tó ń kà wọ́n dáadáa kì í sì bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó jẹ̀bi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá ni nǹkan tí wọ́n ń jà sí, àti ìdí tí kò fi sí ẹnì kankan tó lè pín in fún wọn.

Ẹ wò ó báyìí. Ilẹ̀ ìdílé ṣeé pín. Nílẹ̀ wa a lè fi ìdí igi pín in, a lè fi orí-ò-jorí pín in, kí kálukú mú tiẹ̀. Ṣùgbọ́n adé kò ṣeé là sí méjì, orúkọ ẹni tó tẹ ìlú dó kò ṣeé là sí méjì, ìbùkún àkọ́bí náà kò ṣeé là. Ohun tó máa ń parí ọ̀rọ̀ irú ìyẹn láàrin ọmọ ìyá ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹni tó kọ́kọ́ dé ayé ló kọ́kọ́ ń mú. Ó wá ku ìbejì tí wọ́n jọ jáde ní ọjọ́ kan náà. Níbẹ̀ ni òfin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti tán, ìdí sì nìyẹn tí ìtàn fi fẹ́ràn láti fi ìbejì ṣe ìjà oyè. Àwa Yorùbá mọ̀ pé wàhálà wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ti yanjú ẹ̀ sílẹ̀ kí ìjà tó dé, a ní Kẹ́hìndé tó jáde gbẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò lọ tọ́ ayé wò. Bóyá ẹ gbà á bóyá ẹ ò gbà á, ẹjọ́ ti ní ìdájọ́.

Àwọn ará Rómù àtijọ́ ò ní irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, tiwọn ló sì hàn kedere jù lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ìjà ọmọ ìyá ni ìtàn náà fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìbejì kankan. Númítọ̀ ni ẹ̀gbọ́n, òun ló jọba ní ìlú Álíbà Lọ́ńgà, àbúrò rẹ̀ Ámúlíọ́ọ̀sì gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Réà Sílífíà, ṣe àwòrò tí kò gbọ́dọ̀ mọ ọkùnrin, kí ìdílé yẹn má bàa ní àrólé. Ọmọbìnrin náà lóyún, wọ́n ní ọlọ́run ogun ló fún un lóyún, ó bí ìbejì ọkùnrin, Rómúlù àti Rémù. Ọba ní kí wọ́n lọ jù wọ́n sínú odò Táíbà, odò gbé wọn sí èbúté, abo ìkookò fún wọn lọ́mú, darandaran kan gbé wọn lọ sílé tọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dàgbà wọ́n pa Ámúlíọ́ọ̀sì, wọ́n dá ìjọba padà fún bàbá àgbà wọn, àwọn méjèèjì wá ní àwọn fẹ́ tẹ ìlú tiwọn dó níbi tí wọ́n ti kó àwọn sọnù.

Ta ni yóò sọ ìlú lórúkọ, ta ni yóò jọba ibẹ̀? Lífì, òpìtàn Rómù tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀, sọ ọ́ láìfi bò pé torí pé ìbejì ni wọ́n, tí ọjọ́ orí kò lè fi ọ̀kan ṣáájú èkejì, wọ́n ní kí àwọn òrìṣà ibẹ̀ fi ẹyẹ yan ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Rómúlù gun òkè Pálátínì, Rémù gun òkè Áféńtínì, kálukú ń wo ojú ọ̀run. Rémù ló kọ́kọ́ rí i, igún 6. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kéde tiẹ̀ ni igún 12 yọ sí Rómúlù.

Ibí yìí ni kí ẹ dúró sí díẹ̀. Àwọn èèyàn Rémù ní tàwa ló kọ́kọ́ dé, àwọn èèyàn Rómúlù ní tàwa ló pọ̀ jù. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ẹyẹ sá fún náà ló tún padà wá? Ṣé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ín àbí ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn òrìṣà pàápàá dá ẹjọ́ yẹn sí méjì. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, Lífì ní àwọn kan sọ pé inú rògbòdìyàn yẹn ni Rémù kú sí, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé Rómúlù bẹ̀rẹ̀ sí mọ odi ìlú, Rémù fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fò ó kọjá, Rómúlù sì pa á, ó ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ẹnikẹ́ni tó bá tún fo odi òun. Ìlú gba orúkọ ẹni tó kù. Ọdún 753 ṣáájú ìbí Jésù ni àwọn ará Rómù fi sọ ìdásílẹ̀ ìlú wọn.

Kí wá ni ìjà yẹn dúró fún? Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ará Rómù fúnra wọn dáhùn ẹ̀, ìdáhùn wọn sì yí padà bí ìgbà ṣe ń yí. Ní ọdún 367 ṣáájú ìbí Jésù wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí mẹ̀kúnnù lè wà lára kọ́ńsúlù 2 tó ń ṣàkóso lọ́dọọdún, oyè tó jẹ́ ti àwọn ìdílé ọlọ́lá tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 296 àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan láti ìdílé Ògúlíníọ́ọ̀sì gbé ère àwọn ìbejì náà sábẹ́ abo ìkookò kalẹ̀ láàrin ìlú. Wáísímáànù, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, sọ ní ọdún 1995 pé àsìkò tí ìjọba di ti ẹni méjì yẹn ni wọ́n fi Rémù kún ìtàn Rómúlù. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ló gbà fún un, ṣùgbọ́n ó ràn wá lọ́wọ́ láti rí i pé ìbejì lè jẹ́ ẹgbẹ́ méjì nínú ìlú kan ṣoṣo. Nígbà tó wá ṣe, tí àwọn ará Rómù ń fi idà pa ara wọn nínú ogun abẹ́lé, akéwì wọn Họ́rẹ́sì kọ ọ́ pé láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ Rémù tí kò ṣẹ̀ ti kán sílẹ̀ ni ègún ti wà lórí àwọn ọmọ ìran náà. Ìtàn kan náà ni o, lọ́jọ́ tí ayé rọgbọ ó jẹ́ ti pé a jọ ni ìlú, lọ́jọ́ ogun ó di pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá ni a fi pilẹ̀ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Ésáù. Kí wọ́n tó bí wọn rárá, nígbà tí wọ́n ń ta ara wọn nípàá nínú Rèbékà, Ọlọ́run ti sọ fún un nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 25 pé orílẹ̀-èdè méjì ló wà nínú rẹ̀ àti pé ẹ̀gbọ́n ni yóò sin àbúrò. Ọ̀rọ̀ ti jáde láti ibẹ̀, ìdílé kan kọ́ là ń kà nípa rẹ̀, ìlú méjì ni, Ísírẹ́lì àti Édómù tó wà lápá gúúsù ìlà-oòrùn Òkun Iyọ̀. Nígbà tí Ísáákì tó ti fọ́jú súre fún Ésáù gbẹ̀yìn, ó ní idà ni yóò máa fi jẹun, yóò sin àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá yá yóò já àjàgà àbúrò náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Tí ẹ bá wá ka Sámúẹ́lì Kejì orí 8, ẹ ó rí i pé Dáfídì fi ọmọ ogun sí Édómù, gbogbo wọn di ìránṣẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí Àwọn Ọba Kejì orí 8, nígbà Jèhórámù, Édómù ṣọ̀tẹ̀, wọ́n fi ọba jẹ fún ara wọn. Ó bá ohun tí Ísáákì sọ mu ní ìtẹ̀léra, sísìn ṣáájú, jíjá àjàgà tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Bíbélì ní ìtàn àwọn ìbejì náà ni Ísírẹ́lì fi ṣàlàyé bí àwọn àti Édómù ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà tí àwọn sì ń bá ara wọn jà, èmi ò sì rò pé ó gba agbára Ọlọ́run kúrò nínú ẹ̀.

Ohun kan tó máa ń ba kíkà náà jẹ́ ni kí èèyàn sọ ọ̀kan di rere kí ó sọ èkejì di búburú. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, nínú orin àtijọ́ tó jẹ́ ti wòlíì Sarátúsítà ní ilẹ̀ Páṣíà, ẹ̀mí méjì ló jẹ́ ìbejì, ọ̀kan yan rere, èkejì yan ibi, kò sì sí ìlú kankan tí wọ́n ń pín. Ṣùgbọ́n Ésáù kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Jákọ́bù padà dé tí ẹ̀rù ń bà á, Ésáù ló sáré pàdé rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sunkún. Ìtàn tó bá fẹ́ kí o kórìíra ẹnì kan kò ní jẹ́ kó hùwà báyẹn. Ẹ wo ibi tí àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ sí: tí kálukú bá ní ìlú tiẹ̀ níkẹyìn, ọ̀rọ̀ ìlú méjì ni, tí ìlú kan ṣoṣo bá kù, tí ọ̀kan sì kú, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ méjì nínú ìlú kan ni, tí kò bá sí ilẹ̀ tàbí oyè rárá, nígbà náà ni kí ẹ máa ronú rere àti ibi.

Ẹ fi wo ìtàn ti Oǹdó náà. Wọ́n bí ìbejì láàfin, nígbà tí wọ́n ka ìbejì sí èèwọ̀, ọba kò pa wọ́n, ó ní kí wọ́n kó àwọn àti ìyá wọn jáde kúrò nílùú. Wọ́n rìn títí, Púpùpú tó jẹ́ obìnrin nínú wọn ló di Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ Áírò ló jọba tẹ̀lé e, títí dòní sì ni Oǹdó ní Lóbùn, ọba obìnrin, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú fífi Ọ̀ṣemàwé jẹ. Èkejì Púpùpú ńkọ́? Àwọn kan ní ọkùnrin ni, pé òun ló lọ tẹ Ilé-Olújì dó, àwọn míì kò sì gba ọ̀nà yẹn sọ ọ́ rárá. Nínú ìtàn tí mo ń gbọ́, àwọn ìbejì náà kò bá ara wọn jà. Àwa tí à ń sọ ìtàn wọn la ń jà, ìlú wo ló ti ara ìlú wo jáde, ọba wo ló yẹ kí wọ́n dárúkọ ṣáájú, èyí sì ni ìbéèrè igún 6 àti igún 12 gan-an, wọ́n kàn gbé e kúrò lórí òkè wá sí ìpàdé àwọn ọba ni.