Àdánù Mélòó Ló Lè Tẹ̀ Léra Wọn?

Ká ní ìlànà òwò fọ́rẹ́ẹ̀sì kan máa ń jèrè lẹ́ẹ̀mẹrin nínú òwò mẹ́wàá, tí èrè kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì àdánù kan. Ìlànà tó dáa ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló máa ń pa irú rẹ̀ tì tí wọ́n bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹjọ léraléra. Wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó máa ń dunni, torí ìṣirò kékeré kan ì bá ti fi hàn wọ́n pé ẹ̀ẹ̀mẹjọ yẹn ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òwò 200. Nǹkan bí 80 nínú wọn ló máa jèrè, ẹ̀yìn èrè kọ̀ọ̀kan sì ni ọ̀wọ́ àdánù ti lè bẹ̀rẹ̀. Ibi 80 nìyẹn. Nínú òwò mẹ́wàá, mẹ́fà ló ń pàdánù, nítorí náà a ó fi 0.6 sọ 80 di púpọ̀: ibi 48 ni àdánù kan, ó kéré tán, ti máa ṣẹlẹ̀. Tí a bá tún fi 0.6 sọ 48 di púpọ̀, nǹkan bí 29 ló máa dé àdánù méjì. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 6 ló máa dé àdánù márùn-ún, 1.3 á dé mẹ́jọ, 0.8 á dé mẹ́sàn-án. Ibi tí iye náà ti bọ́ sísàlẹ̀ 1 ni ọ̀wọ́ tó gùn jù sábà máa ń dúró sí. Ẹ̀rọ ìṣirò máa ń gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà:

```
ln(80) / -ln(0.6) = 8.6
```

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni láti rò pé 8.6 yìí ni òpin. Kì í ṣe òpin rárá, àárín ni. Nínú òwò 200 yẹn, àǹfààní pé àdánù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á tẹ̀ léra wọn ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹni tó ń fi ìdá 2 nínú 100 owó rẹ̀ sórí òwò kọ̀ọ̀kan á ti pàdánù nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 lẹ́yìn mẹ́wàá náà. Ẹni tó ń fi ìdá 10 sórí rẹ̀ á ti pàdánù ìdá 65, owó tó kù sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò yìí gbà pé òwò kan ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èkejì. Tí ẹnì kan bá ra EUR/USD àti GBP/USD ní wákàtí kan náà, ìròyìn kan ṣoṣo nípa dọ́là lè gbé méjèèjì lọ, ọ̀wọ́ àdánù á sì gùn ju bí ìṣirò ṣe wí. Ìwé àkọsílẹ̀ òwò ló ń tú àṣírí rẹ̀: ẹ ka kìkì àwọn òwò tó tẹ̀ lé àdánù. Bí èrè inú wọn bá kéré gan-an sí 40 nínú 100, àwọn àdánù náà ń fa ara wọn lọ́wọ́ ni.