Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yege nínú ìdánwò tó sì kùnà lórí fọ́tò kámẹ́rà

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì nọ́rà tí wọ́n kọ́ láti dá àwòrán mọ̀ lè gba máàkì tó ga lórí àwọn fọ́tò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò, kó sì máa ṣì í nígbà tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà fóònù lé e lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà ń tọ́ka sí ni ti PlantVillage, àkójọ fọ́tò ewé irúgbìn tó ní àrùn àti èyí tí ara rẹ̀ le. Ní ọdún 2016, Sharada Mohanty, David Hughes àti Marcel Salathé fi fọ́tò 54,306 tó pín sí ìsọ̀rí 38 ṣiṣẹ́. Mọ́dẹ́lì wọn, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ti kọ́, tó dára jù gba ìdá 99.35 nínú ọgọ́rùn-ún lórí fọ́tò ìdánwò. Nígbà tí wọ́n fún un ní fọ́tò tí wọ́n yà ní ipò mìíràn, máàkì náà já wálẹ̀ sí bí ìdá 31.

== Yíya kóòdù sọ́tọ̀ kúrò lára fọ́tò ==

Ohun méjì ló sábà ń fà á. Ó lè jẹ́ pé kóòdù orí fóònù kì í tún fọ́tò ṣe bí kóòdù ìkẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe é. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí mọ́dẹ́lì kọ́ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n rò pé ó kọ́. Láti mọ èyí tó jẹ́, wọ́n á mú bí àádọ́ta fọ́tò ìdánwò tí mọ́dẹ́lì ti dá mọ̀ dáadáa, wọ́n á sì gbé fáìlì wọn gba inú kóòdù fóònù. Bí ìdáhùn bá yí padà, inú kóòdù ni àléébù wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó fọ́tò tuntun jọ kó tó ṣe èyí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi nọ́ńbà tó wọ inú mọ́dẹ́lì wé ara wọn, `a` láti inú kóòdù ìdánwò, `b` láti inú ti fóònù, fún fọ́tò kan náà, kí méjèèjì jẹ́ tensor PyTorch tí àwọ̀ ṣáájú gíga àti fífẹ̀ nínú rẹ̀:

```python
for t in (a, b):
    print(t.shape, t.min(), t.max(), t.mean(dim=(1, 2)))
print((a - b).abs().max())
```

Bí wọ́n bá lo ìwọ̀n àwọ̀ tí wọ́n ṣírò láti inú ImageNet, àkójọ fọ́tò ńlá kan, fún ìtúnṣe, nọ́ńbà kò gbọdọ̀ kọjá àárín -2.12 sí 2.7. Bí èyí tó ga jù nínú `b` bá sún mọ́ 255, wọn ò ṣe ìtúnṣe náà rárá. Bí ìpíndọ́gba àkọ́kọ́ àti ìkẹta bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò ara wọn, àwọ̀ ló dorí kodò: `cv2.imread` ń to àwọ̀ búlúù síwájú, nígbà tí Pillow ń to pupa síwájú. Lórí ewé tòmátì, àmì àrùn tó yẹ kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè á wá dà bí búlúù aláwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wo fóònù kò ní rí i, nítorí fọ́tò ojú fóònù kò yí padà.

Ìyàtọ̀ kékeré lè wá láti ara bí wọ́n ṣe ń dín fọ́tò ńlá kù sí píksẹ́lì 224. Bí ìdáhùn bá ń yí padà lórí fọ́tò kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá béèrè, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n gbàgbé `model.eval()`, àṣẹ tó ń mú mọ́dẹ́lì kúrò ní ipò ìkẹ́kọ̀ọ́.

== Nígbà tí kóòdù kò lẹ́bi ==

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Lórí PlantVillage, wọ́n já ewé, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí nǹkan aláwọ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n tó yà á. Ó jọ pé fọ́tò ìsọ̀rí kan náà sábà ń bá ara wọn pín ìmọ́lẹ̀ àti ìtẹ́lẹ̀ kan náà. Ní ọdún 2022, Mehmet Alican Noyan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú píksẹ́lì 8 péré láti ara ìtẹ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn ewé nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, láìfi ewé kankan kún un. Mọ́dẹ́lì tí wọ́n fi èyí kọ́ gba ìdá 49.0 lórí fọ́tò ìdánwò, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá kàn ń méfò kò ní gbà ju 2.6 lọ. Ìdánwò náà kò lè tú àṣírí yìí, torí inú àkójọ kan náà ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ẹnikẹ́ni lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí lórí fọ́tò tirẹ̀. Wọ́n á fi àwọ̀ eérú bo ewé nínú fọ́tò ìdánwò, wọ́n á sì tún máàkì kà. Bí máàkì bá ṣì ga ju ti ìméfò lọ dáadáa, ẹ̀yìn ewé ni mọ́dẹ́lì ń wò, tàbí ìrísí etí àwọ̀ eérú tí wọ́n fi bo ewé. Àmọ́ gígé ẹ̀yìn ewé dànù nìkan kò tó, nítorí ìmọ́lẹ̀ ibi tí wọ́n ti yà á ṣì wà lójú ewé fúnra rẹ̀.

== Àtúnṣe ==

Fọ́tò oko ni àtúnṣe tó dájú jù, kí wọ́n sì fi oko pín in: oko tí fọ́tò rẹ̀ bá wà nínú ìkẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ sí nínú ìdánwò. Títẹ ewé tí wọ́n gé lé orí fọ́tò ilẹ̀ àti koríko, pẹ̀lú yíyí ìmọ́lẹ̀ padà, lè ṣèrànwọ́ díẹ̀. Kí wọ́n má fọkàn tán iye ìdánilójú tí mọ́dẹ́lì ń gbé jáde. `softmax`, ìṣirò tó ń gbé iye náà jáde, lè kọ 0.98 sára ìdáhùn tí kò tọ́, pàápàá bí ohun tó wà nínú fọ́tò kò bá sí nínú ìsọ̀rí kankan.